Orúkọ fáìlì àti fódà fún síìnì Madalla: ọ̀nà méjì méjì, èyí tá a mú àti ìdí ẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà iná tó ń lọ tó ń bọ̀.

Síìnì ọjà Madalla la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, èyí tí Àpáta Zuma máa wà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ka lẹ́tà yìí tán kí ẹnikẹ́ni tó ṣí Blender fún un. Ohun tí gbogbo wa jọ máa lò níbẹ̀ pọ̀ ju ti síìnì yòówù tá a ti ṣe lọ: kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù, ìsọ̀ aláta, àgbá omi, ààrò mai suya, gbogbo ẹ̀ ló máa jáde nínú ṣọ́ọ̀tù púpọ̀. Bẹ́ ẹ sì ṣe mọ̀, ẹnì kan wà ní Kubwa, ẹnì kan wà ní Lugbe, èmi wà ní Gwarinpa, hádì díìsìkì ló sì ń rìn láàárín wa nígbà tí dátà bá ti gbówó lórí. Kọ̀ǹpútà gbogbo wa Windows ni, àmọ́ èyí tó ń bá wa réńdà, Linux ló wà lórí ẹ̀. Ipò tá a wà yìí ló bí àwọn òfin yìí. Ọ̀nà kejì tí n ò mú kì í ṣe ọ̀nà burúkú, ẹlòmíì ń lò ó ó sì ń bá a lára mu, ìyẹn ni mo ṣe máa gbé méjèèjì síwájú yín kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ọ̀kan ti dáa tí èkejì ò ti dáa.

Ká to fódà nípa irú nǹkan, àbí ká to ó nípa ásẹ́ẹ̀tì?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi bẹ̀rẹ̀: gbogbo módẹ́lì nínú fódà `models`, gbogbo tẹ́ṣọ̀ nínú fódà `textures`. Ó mọ́ lójú. Tó o bá ń wá módẹ́lì, o mọ ibi tó wà, tó o bá sì fẹ́ wo gbogbo tẹ́ṣọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó o yan èyí tó bá ọ lára mu, ojú kan ni gbogbo ẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ èèyàn kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, lórí kọ̀ǹpútà kan, n ò ní bá a jà.

Ibi tó ti ń dojú rú ni tá a bá fẹ́ gbé nǹkan kan ṣoṣo lọ síbòmíì. Ká ní ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ ní Kubwa fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe láìtì ní Lugbe. Ó mú `keke.blend` nínú `models`, ó wá wọ `textures` lọ wá tẹ́ṣọ̀ ẹ̀, ó rí `body.png`, ó rí `seat.png`, ó rí `rust2.png`, ṣé ti kẹ̀kẹ́ ni `rust2` àbí ti àgbá omi? Ó fi sílẹ̀. Nígbà tí ẹni tó wà ní Lugbe bá ṣí i, gbogbo ìdí kẹ̀kẹ́ yẹn á yọ píńkì, torí àwọ̀ tí Blender máa ń fi síbi tẹ́ṣọ̀ tí kò rí nìyẹn. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni `body.png`: ẹlòmíì tó ń ṣe mọ́tò náà lè ní `body.png` tiẹ̀, tó bá sì kó o sínú fódà kan náà, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní yọ píńkì rárá, kẹ̀kẹ́ kàn máa wọ aṣọ mọ́tò ni, ó sì lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ọ̀nà kejì, èyí tá a mú, ni pé ásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ilé tiẹ̀:

```
madalla/
  assets/
    veh_keke/
      veh_keke.blend
      tex/
      work/
  shared/
  shots/
```

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́, fódà `veh_keke` lódindi lẹ máa gbé, ó parí. Kò sẹ́ni tó máa ṣa tẹ́ṣọ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ó ní àléébù tiẹ̀ o, mi ò ní fi pa mọ́. Páànù tó dípẹtà wà lára ìsọ̀, ó wà lára àgbá, ó wà lára ààrò suya. Tí kálukú bá kó tẹ́ṣọ̀ páànù yẹn sínú `tex` tiẹ̀, àwòrán kan náà ló wà níbi mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n Blender ò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni, torí àdírẹ́ẹ̀sì wọn yàtọ̀, ó máa kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú mẹ́mọ́rì ni. Ẹ má wo bí PNG yẹn ṣe kéré lórí díìsìkì, tó bá ti ṣí nínú mẹ́mọ́rì, àwòrán 4096 lọ́nà 4096 tó jẹ́ 8-bit tó sì ní alpha máa ń gba 64 mẹ́gábáìtì. Ásẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó kó páànù kan náà dání ti jẹ 512 mẹ́gábáìtì fún ohun tó yẹ kó gba 64. Kádì tó wà nínú láàpútọ́ọ̀pù wa ò lè máa fara da ìyẹn. Nítorí náà ni fódà `shared` ṣe wà níbẹ̀: tẹ́ṣọ̀ tí ásẹ́ẹ̀tì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ń lò, ibẹ̀ ló ń gbé, kò sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà nínú `tex` ẹnikẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ásẹ́ẹ̀tì jáde sórí hádì díìsìkì, ẹ gbé `shared` náà tẹ̀ lé e, àwọn fódà méjèèjì ló máa ń rìn pa pọ̀, kẹ́ ẹ sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe tò nínú `madalla`.

Àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ láti `D:` àbí èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí fáìlì wà

Eléyìí ò gùn. Àdírẹ́ẹ̀sì tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `D:\` ti so mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, hádì díìsìkì tó jẹ́ `D:` lọ́dọ̀ mi lè jẹ́ `F:` lọ́dọ̀ yín, Linux ò tiẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ `D:` rárá. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `//` ń wí fún Blender pé kó bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà tí fáìlì yìí fúnra ẹ̀ wà, ibi yòówù kí fódà yẹn wà láyé. `//` la ó máa lò, kò sí àyàfi nínú eléyìí. Tẹ́ ẹ bá ní fáìlì tó ti ní `D:` nínú, ẹ lọ sí `File > External Data`, ẹ yan èyí tó máa sọ gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì di relative. Ẹ rántí nǹkan méjì: fáìlì tẹ́ ò tíì séèfù rí ò lè ní `//`, torí kò tíì ní ibi tó ń gbé, torí náà ẹ séèfù kẹ́ ẹ tó fa tẹ́ṣọ̀ wọlé. Èkejì, lórí Windows, `//` ò lè fo láti díráìfù kan bọ́ sí òmíì, tẹ́ṣọ̀ tó bá wà ní `C:`, lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù yín, nígbà tí fáìlì wà ní `D:`, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ tún un ṣe àfi kẹ́ ẹ kó o wá sínú `madalla`.

Nọ́ńbà ẹ̀dà nínú orúkọ, àbí orúkọ kan tí kì í yí padà?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wa pọ̀ sí jù, ẹni tó ń ṣe módẹ́lì àti ẹni tó ń mú un rìn ò sì rí i bákan náà.

A kì í kó ásẹ́ẹ̀tì wọnú ṣọ́ọ̀tù pátápátá pẹ̀lú `File > Append`, torí tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan á ní kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ tí kò bá àwọn yòókù tan mọ́. `File > Link` là ń lò, a óò sì línkì kọ́lẹ́kíṣọ̀n tó ń jẹ́ `veh_keke` látinú fáìlì kẹ̀kẹ́. Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé fáìlì wo ni ká línkì sí?

Ọ̀nà kan ni pé ká línkì sí èyí tó ní nọ́ńbà, bíi `veh_keke_v007.blend`. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé ọkàn rẹ balẹ̀, kò sóhun tó máa yí padà nínú ṣọ́ọ̀tù rẹ láìjẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ yí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá wà nínú ṣọ́ọ̀tù 12, tí mo wá ní kí wọ́n tún díńgí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣe `v008`. Ó di dandan kí ẹnì kan ṣí ṣọ́ọ̀tù méjèèjìlá, kó yí Outliner sí `Blender File`, kó ráìtì-kílíìkì orúkọ fáìlì kẹ̀kẹ́, kó yan `Relocate`, kó nawọ́ sí `v008`, kó séèfù. Tí iná bá lọ lẹ́yìn ìkẹjọ ńkọ́, ta ló máa rántí ibi tó ti dúró? Ohun tẹ́ ẹ máa rí ni pé tá a bá to fídíò pọ̀, díńgí kẹ̀kẹ́ máa wà lápá ibí nínú ṣọ́ọ̀tù kan, á sún nínú èyí tó tẹ̀ lé e, á tún padà sí ipò àtijọ́.

Ọ̀nà kejì ni pé ká línkì sí `veh_keke.blend`, orúkọ tí kò ní nọ́ńbà kankan, tí kò sì ní yí padà títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ̀dà oní-nọ́ńbà wà nínú `work`, ibẹ̀ lẹni tó ń ṣe módẹ́lì ti ń ṣe wàhálà ẹ̀ ní `v001`, `v002`, tó bá wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé èyí tó dáa jáde sórí `veh_keke.blend`. Ẹni tó bá ṣí ṣọ́ọ̀tù ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn á bá díńgí tuntun níbẹ̀, kò sí ìkankan láti yí. Èyí la mú. (Nọ́ńbà mẹ́ta ni ká máa kọ, `v002` kì í ṣe `v2`, torí Linux ń to orúkọ lẹ́tà sí lẹ́tà, `v10` á sì wà ṣáájú `v2`.)

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé e jáde ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ má lọ kọ́pì fáìlì nínú Windows kẹ́ ẹ wá yí orúkọ ẹ̀ padà. Ìdí ẹ̀ rèé: nínú `work/veh_keke_v008.blend`, àdírẹ́ẹ̀sì tẹ́ṣọ̀ ara kẹ̀kẹ́ ni

```
//../tex/veh_keke_body_col.png
```

ìyẹn ni pé jáde kúrò nínú `work`, kó o wá wọ `tex`. Tẹ́ ẹ bá gbé fáìlì yẹn bọ́ sókè sínú `veh_keke` gan-an, `//../tex` á mú un jáde kúrò nínú `veh_keke`, á bọ́ sínú `assets`, á máa wá fódà `tex` tí kò sí níbẹ̀, píńkì dé nìyẹn. Ẹ lo `File > Save Copy` látinú Blender, kẹ́ ẹ sì wò ó pé `Remap Relative` wà ní títìkì lápá ọ̀tún ibi tẹ́ ẹ ti ń séèfù. Blender fúnra ẹ̀ á tún un kọ sí

```
//tex/veh_keke_body_col.png
```

Ẹ ṣí èyí tẹ́ ẹ gbé jáde yẹn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ṣe `File > External Data > Report Missing Files`, tí kò bá sọ pé nǹkan kan sọnù, ó yá, ẹ kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé kẹ̀kẹ́ tuntun ti jáde.

Ó wá ku ẹ̀rù tí ẹni tó ń ṣe ànímẹ́ṣọ̀n ń bà, ó sì tọ̀nà kó bà á: ká yí nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́ láìsọ fún un. Lóòótọ́ orúkọ fáìlì ò yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ inú fáìlì náà wà. Línkì tá a ṣe, orúkọ kọ́lẹ́kíṣọ̀n ló fi ń wá a, tẹ́ ẹ bá yí `veh_keke` inú fáìlì sí `keke_final`, kẹ̀kẹ́ máa pòórá nínú gbogbo ṣọ́ọ̀tù, Empty lásán ló máa kù síbi tó wà. Bóònù náà ńkọ́? Bóònù tó ń yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ń jẹ́ `steer`, gbogbo kíì tí ẹni tó ń mú un rìn ti gbé sí i, `pose.bones["steer"]` ló kọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ bóònù yẹn di `steering` torí pé ó dùn ún gbọ́ jù, kíì yẹn ò ní rí i mọ́, kẹ̀kẹ́ á máa lọ tààrà níbi tó yẹ kó ti yà. Béèyàn ṣe ń mọ̀ ni pé nínú Graph Editor, ìlà pupa á wà lábẹ́ orúkọ àwọn kíì yẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ásẹ́ẹ̀tì bá ti kọ́kọ́ jáde, orúkọ kọ́lẹ́kíṣọ̀n, orúkọ ọ́bújẹ́ẹ̀tì àti orúkọ bóònù ti di àwọn òkú orúkọ, a kì í yí wọn mọ́. Ẹ lè tún ìrísí ṣe, ẹ lè fi bóònù tuntun kún un, ẹ má ṣe yí èyí tó wà ńlẹ̀.

Ṣọ́ọ̀tù tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa bá ti fọwọ́ sí ńkọ́? Níbi ìyẹn, ọ̀nà oní-nọ́ńbà ló borí, n ò ní jiyàn. Ohun tá a máa ṣe ni pé a ó séèfù ẹ̀dà kan sí `veh_keke/release/veh_keke_r01.blend`, a ó ṣí ẹ̀dà yẹn, a ó lo `File > External Data > Pack Resources` kó kó gbogbo tẹ́ṣọ̀ sínú ara ẹ̀, a ó séèfù ẹ̀, a ó wá yí ṣọ́ọ̀tù yẹn nìkan sí i. Fáìlì yẹn á tóbi o, àmọ́ bí wọ́n bá tún kun kẹ̀kẹ́ ní lọ́la, kò kàn án. Tá ò bá pákì tẹ́ṣọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá kọ àwòrán tuntun lé `veh_keke_body_col.png` lórí ti yí ṣọ́ọ̀tù tí wọ́n ti gbà náà padà láìmọ̀. Èmi ni mo máa ṣe `release`, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu.

Orúkọ fúnra ẹ̀

Irú nǹkan ló ń ṣáájú, nǹkan gan-an tẹ̀ lé e: `veh_` fún ohun tó ń rìn ní títì, `prop_` fún ẹrù, `char_` fún èèyàn, `set_` fún ilé àti ilẹ̀. Tẹ́ṣọ̀ á ní orúkọ ásẹ́ẹ̀tì, á ní ibi tó wà lára ẹ̀, á wá parí pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń ṣe: `col` fún àwọ̀, `rgh` fún bó ṣe ń dán tàbí tí kò dán, `nrm` fún nọ́mà. N ò ṣàdédé yan àwọn mẹ́ta yẹn, ádọ́ọ̀nù Node Wrangler mọ̀ wọ́n: tẹ́ ẹ bá tẹ `Ctrl+Shift+T` lórí Principled tẹ́ ẹ sì yan tẹ́ṣọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan, ó máa so kálukú síbi tiẹ̀, ó sì máa fi `rgh` àti `nrm` sí Non-Color. Ẹni tó bá ń fọwọ́ so ó tó gbàgbé Non-Color, kẹ̀kẹ́ á dán sódì, á wá lọ máa dá láìtì lẹ́bi.

Lẹ́tà kékeré nìkan. Windows ka `Veh_Keke` àti `veh_keke` sí ọ̀kan náà, Linux kà wọ́n sí méjì. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà ńlá síbi tí kò yẹ kò ní rí ohunkóhun lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, àfi kí fírémù padà wálé láti ibi réńdà pẹ̀lú píńkì. Tẹ́ ẹ bá rí píńkì tó wà nínú réńdà ṣùgbọ́n tí kò sí lọ́dọ̀ yín, lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá.

Ká fi Yorùbá sọ wọ́n lórúkọ àbí òyìnbó? Èyí tí ẹnu wa ń pè é ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ronú kó tó rí fáìlì: `prop_iso`, `prop_agba`, `char_maisuya`. Ibi tí orúkọ bá ti lè jọra, ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì kún un, `oko` nìkan lè jẹ́ ọkọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà tàbí ọkọ̀ akérò, torí náà `prop_oko_irin`, `veh_oko_akero`. Ṣùgbọ́n kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, kò sì sí àlàfo. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín, ó ń dun èmi náà, èmi tí mò ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí Wásáàpù. Ìdí ẹ̀ ni pé `ọ̀` tá à ń rí gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, kíbọ́ọ̀dù méjì lè kọ ọ́ lọ́nà tó yàtọ̀. Ọ̀kan á kọ ọ (U+1ECD), á fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ (U+0300) lé e. Òmíì á kọ ò (U+00F2), á wá fi ẹsẹ̀ (U+0323) sí i lábẹ́. Òmíì á kọ o lásán, á to méjèèjì lé e. Lójú wa `ìsọ̀.png` ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lójú Linux fáìlì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ lè wo orúkọ méjì tó jọra délẹ̀ kẹ́ ẹ má mọ ìdí tí ọ̀kan fi sọnù. Ẹ kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì ẹ̀ nínú fáìlì àkọsílẹ̀ tó wà nínú fódà ásẹ́ẹ̀tì, inú fáìlì ò ní wàhálà, orúkọ fáìlì ló ní.

Bá a ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Síìnì tá a ti parí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Kò sí fáìlì kan tá a máa gbé kúrò lábẹ́ ṣọ́ọ̀tù àtijọ́ torí kó lè bá òfin tuntun mu, torí tẹ́ ẹ bá gbé e nínú Windows, Blender ò mọ ibi tó lọ. Ohun tó bá wù yín nínú iṣẹ́ àtijọ́, ẹ ṣí i, ẹ séèfù ẹ̀dà tuntun sínú `work` fún Madalla, ẹ kó tẹ́ṣọ̀ ẹ̀ wá sínú `tex` pẹ̀lú orúkọ tuntun, ẹ wá fi `Find Missing Files` tàbí ọwọ́ yín nawọ́ sí wọn. Ẹ mọ̀ pé orúkọ àwòrán gan-an ni `Find Missing Files` fi ń wá nǹkan, tẹ́ṣọ̀ tẹ́ ẹ bá ti yí orúkọ ẹ̀, ọwọ́ lẹ máa fi ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ ni ká kọ́kọ́ ṣe, torí òun ló ní tẹ́ṣọ̀, bóònù àti páànù `shared` lápapọ̀, tó bá ti gba ọ̀dọ̀ gbogbo wa kọjá láìsí píńkì, ìsọ̀ àti àgbá ò ní fún wa níṣòro. Ẹni tó wà ní Kubwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹni tó wà ní Lugbe á línkì rẹ̀ sínú `sh010`, èmi á sì réńdà fírémù kan péré lórí Linux. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí òfin yìí ti ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó ya fódà tiyín lọ́tọ̀.